Orí Táàpù Pupa àti Ojú Ìwé Kẹrin

Ojú ìwé mọ́kànlá ni ìwé àbá náà, kò sì sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tí ó wá ṣe àlejò. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní yíya àwòrán iṣẹ́-ẹ̀rọ, ọ̀dọ́bìnrin kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Rúlà, nítorí pé ó gún régé ní ìdúró, ó sì gún ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀rọ̀. Ọdún méjì péré ni ó ti kúrò ní yunifásítì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi kọ ìwé náà. Ó wọn yàrá tí wọ́n fẹ́ sọ di yàrá ẹ̀rọ, ó wọn fèrèsé, ó ka ihò iná ara ògiri; ó tilẹ̀ ka àwọn àga tí ó ti kán lẹ́sẹ̀ tí wọ́n kó jọ sínú yàrá ọ̀hún, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò ro ibi tí wọn yóò kó wọn lọ.

Ọ̀gá Àgbà ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ni ó béèrè fún ìwé náà. Ó lọ sí ìpàdé àwọn ọ̀gá ilé-ìwé níbìkan, wọ́n sì fi pírìntà 3D hàn án. Pírìntà yìí kì í ṣe èyí tí ń fi yíǹkì kọ ìwé. Okùn ike ni ó ń yọ́, tí ó ń tò ó ní ìpele lórí ìpele, títí tí ohun tí a yà sínú kọ̀ǹpútà yóò fi di ohun tí a lè dì mú. Níṣojú Ọ̀gá Àgbà, ẹ̀rọ náà tẹ erin kékeré kan. Nígbà tí ó padà dé, ó sọ̀rọ̀ erin náà ní ìpàdé àwọn olùkọ́ bí ẹni pé òun ni ó gbẹ̀bí rẹ̀. Ó ní àwọn ilé-ìwé tí kò tó tiwọn ti ní in. Ó ní kí Rúlà kọ gbogbo ohun tí ó yẹ kalẹ̀, kí ó kọ sọ́fútíwíà sí i, kí ó sì kọ iye owó.

Rúlà kò ní ohun tí yóò fi erin ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlá tí ó wà ní kíláàsì àṣekágbá ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìdánwò wọn béèrè pé kí oníkálukú ya ohun tí ó wúlò, kí ó sì gbé àwòṣe rẹ̀ síwájú olùyẹ̀wò, kí olùyẹ̀wò fọwọ́ kàn án. Ọgbọ̀n máàkì nínú ọgọ́rùn-ún ni ti àwòṣe nìkan. Ní èṣí, àwọn mẹ́rin ni òbí wọn rí owó san fún ṣọ́ọ̀bù kan ní ìgboro tí ó ní irú ẹ̀rọ yẹn. Àwọn yòókù gbé bébà lásán kalẹ̀, olùyẹ̀wò sì kọ òfo sí ìlà àwòṣe wọn láìgbójú sókè. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ tí ó mọ àwòrán yà jù nínú gbogbo kíláàsì. Máàkì mẹ́rin péré ni kò jẹ́ kí ó wọ ibi tí ó fẹ́ kà. Rúlà kò tíì dárí jì ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ náà, kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ó má baà dà bí ẹni tí ń fi ẹnu lásán kọ́lé, ó mú ẹ̀rí dání. Ní yàrá kẹ́mísírì ilé-ìwé náà, táàpù mẹ́rìnlá ni ó wà, kò sì sí èyí tí ó ní orí tí a fi ń yí i ṣí. Ẹ̀mú kan ṣoṣo ni wọ́n fi okùn gígùn so mọ́ tábìlì. Ẹni tí ó bá fẹ́ omi yóò dúró de ẹ̀mú. Rúlà ya orí táàpù kan sínú kọ̀ǹpútà, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìgboro, ó sì fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó pupa bí ata, kò ju ogún gíráàmù lọ, wákàtí kan ààbọ̀ sì ni ẹ̀rọ fi ṣe é. Ó gba ìwé ẹ̀rí owó, nítorí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí wọ́n pè é sí ọ́fíìsì, Ọ̀gá Àgbà jókòó sẹ́yìn tábìlì, Akápò ilé-ìwé sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lórí itan. Ọ̀gá Àgbà yí orí táàpù náà lọ́wọ́ sọ́tùn-ún sósì, ó gbóríyìn fún àwọ̀ rẹ̀, ó sì gbé e sínú àpò ẹ̀wù. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé àbá. Kò ka ojú ìwé kìíní, kò ka èkejì, kò ka ẹ̀kẹta. Ojú ìwé kẹrin, níbi tí owó wà, ni ó balẹ̀ sí, bí eṣinṣin tí ó ti mọ ibi tí egbò wà.

Ojú ìwé yẹn ni Rúlà fi yangàn jù. Pírìntà kékeré méjì, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún lọ́kọ̀ọ̀kan. Róòlù okùn ike mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ. Róòlù kan jẹ́ kílò kan, yóò sì tẹ nǹkan bí àádọ́ta orí táàpù. Mẹ́mòrì tí wọn yóò fi kún kọ̀ǹpútà mẹ́fà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà. Bátìrì tí yóò gba iná dúró, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádóje, nítorí pé iṣẹ́ tí yóò gba wákàtí márùn-ún lè bàjẹ́ tí iná bá lọ fún ìṣẹ́jú kan. Tábìlì tí kì í mì àti fáànù ojú fèrèsé, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ẹnu àfidípò tí ike yíyọ́ ń gbà jáde lára ẹ̀rọ, àti irinṣẹ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Ní ìlà keje ni ó kọ sọ́fútíwíà sí: èyí tí a fi ń ya àwòṣe, àti èyí tí ń gé àwòṣe náà sí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ kí ẹ̀rọ lè mọ bí yóò ti tò ó. Iye rẹ̀: òfo. Àpapọ̀: mílíọ̀nù kan ó lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ, gẹ́lẹ́ bí ètò ìnáwó ọdún náà ṣe lè gbé e.

Ọ̀gá Àgbà fi ìka lu ìlà keje.

“Tíṣà, èyí ń kọ́? O gbàgbé láti kọ iye ẹ̀ ni?”

“Mi ò gbàgbé, sà. Ọ̀fẹ́ ni.”

“Ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ta?”

“Lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, sà. Wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀ fún gbogbo ayé. Òun náà ni mo fi ya orí táàpù tó wà lápò yín.”

Ọ̀gá Àgbà wo Akápò. Akápò wo àjà.

“Ohun tí wọ́n pín fún gbogbo ayé,” ni Ọ̀gá Àgbà wí jẹ́jẹ́, “ṣé òun la fẹ́ fi ṣí yàrá níwájú Alága ìgbìmọ̀?”

Rúlà ṣàlàyé. Ó ní sọ́fútíwíà náà fúyẹ́, ó ní àwọn kọ̀ǹpútà ilé-ìwé ti dàgbà, wọn kò lè gbé ẹrù tí ó wúwo. Ó ní ìdí rẹ̀ gan-an tí òun fi yàn án wà ní ojú ìwé karùn-ún. Ọ̀gá Àgbà tẹ́tí sí i bí ènìyàn ti ń tẹ́tí sí òjò: ó ń dúró kí ó dá.

Akápò ni ó wá sọ òfin. Ọkùnrin yìí kì í fúnra rẹ̀ sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ni ó máa ń sọ ọ́. Ó ní gbogbo ìlà tí ó bá wà nínú ìwé àbá ni ó gbọ́dọ̀ ní ìwé iye owó mẹ́ta láti ọwọ́ ọlọ́jà mẹ́ta, kí a lè mú èyí tí ó dínwó jù. Ìlà mẹ́fà ní tiwọn. Ìlà keje kò ní.

“Mi ò ní kí ẹ yọ ọ́ o, Tíṣà. Ẹ kàn lọ gba ìwé iye owó mẹ́ta wá fún òfo yẹn.”

“Ta ni mo fẹ́ bá ná òfo, sà?”

“Ìyẹn ò sí nínú ohun tí fọ́ọ̀mù béèrè,” ni Akápò wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, òṣìṣẹ́ tí ń tún omi ṣe wá sí bálùwẹ̀ tí ó so mọ́ ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà. Ó fi síkúrù kan ṣoṣo de orí táàpù pupa náà mọ́ ibi ìfọwọ́. Ní yàrá kẹ́mísírì, ẹ̀mú ń bá ìrìn-àjò rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n Rúlà obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, jẹ́ aránṣọ. Nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní alẹ́, ó fi ẹsẹ̀ dá máṣíìnì rẹ̀ dúró, ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tí ó sanwó wíwọn aṣọ fún òun rí, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tí a kò wọ̀n, àkísà ni. Ó ní bí òun bá kọ “wíwọn: òfo” fún àwọn oníbàárà òun, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò ní kí òun má wulẹ̀ wọ̀n. Rúlà kò rẹ́rìn-ín. Inú tí ó ń bí i kò gbóná. Ó tutù, ó sì mú bí abẹ fífẹ́lẹ́.

Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta sí àwọn ọlọ́jà kọ̀ǹpútà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni ó fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jọ̀wọ́ fi iye tí wọ́n ń ta ohun tí wọn kì í tà ránṣẹ́, ní èdìdì, kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọlọ́jà àkọ́kọ́ kò fèsì. Èkejì béèrè bóyá àlàáfíà ni gbogbo ará ilé-ìwé náà wà. Ẹ̀kẹta kò kọ̀wé. Ó rán ènìyàn.

Ẹni tí ó rán wọ táì tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, kò sì béèrè Rúlà rárá. Ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà ni ó wọ̀ tààrà, ó sì lo wákàtí méjì níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Rúlà, kí ó wá bá wọn yọ̀ ni wọ́n ṣe pè é. Ọkùnrin onítáì ní sọ́fútíwíà tí òun ń tà ni àwọn tí ń ya ọkọ̀ òfuurufú ń lò. Àṣẹ láti lò ó lórí ọgbọ̀n kọ̀ǹpútà fún ọdún kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni. Ó sì ti bá wọn wá ìwé iye owó mẹ́ta, láti ilé iṣẹ́ mẹ́ta, tí ìbuwọ́lù wọn jọra bí ìbejì. Akápò ń fi ọwọ́ pa wọ́n bí ẹni tí ń pa orí ológbò. Ohun tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ń wá láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sáyé ni ó rí yìí.

Rúlà béèrè ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́: mẹ́mòrì mélòó ni sọ́fútíwíà náà nílò? Onítáì ní gíìgì mẹ́rìndínlógún. Rúlà ní gíìgì mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà ilé-ìwé ní, owó tí wọn ìbá fi sọ ọ́ di mẹ́jọ ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ná tán yìí. Àti pé mẹ́fà ni wọ́n, kì í ṣe ọgbọ̀n. Onítáì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní inú ìdàgbàsókè ni gbogbo ìyẹn wà. Ọ̀gá Àgbà ni ó bi ní ìbéèrè kejì: pírìntà ń kọ́?

“Ìpele kejì nìyẹn, Tíṣà,” ni Ọ̀gá Àgbà wí. “Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan la fi ń gun àkàsọ̀.”

“Ìdánwò àwọn ọmọ kù ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, sà. Ọgbọ̀n máàkì ni.”

“Kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì múra.”

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́talérúgba ni ó ṣẹ́kù, kò tó pírìntà kan pẹ̀lú bátìrì rẹ̀. Kò sì pẹ́ tí òun náà fi rí ibi gbà. Wọ́n fi ṣe pátákó ńlá kan tí ó ní lẹ́tà aláwọ̀ búlúù, wọ́n fi kun ògiri, wọ́n fi ra rìbọ́nì tí wọn yóò gé àti sísọ́ọ̀sì tí wọn yóò fi gé e, wọ́n sì fi ìyókù ṣe ìpanu àlejò. Àwọn àga tí ó kán lẹ́sẹ̀ kò kúrò nínú yàrá. Aṣọ funfun ni wọ́n fi bò wọ́n ní kọ̀rọ̀, tí wọ́n fi dà bí ohun tí ó níye lórí.

Ní ọjọ́ ìṣílé, sọ́fútíwíà ọkọ̀ òfuurufú náà fi àmì rẹ̀ hàn lójú kọ̀ǹpútà, ó ń yí bírípó bírípó, ó sì kú síbẹ̀. Rúlà ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ní kíá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣí ti ọ̀fẹ́, wọ́n sì gbé àwòṣe wọn sójú rẹ̀. Oúnjẹ ojú ni: ọ̀kan ya ohun tí arúgbó lè fi ṣí ìdérí ìgò láìfi agbára ṣe é, èkejì ya ohun tí ń di ọ̀pá ìdánwò mú kí ó má yí dànù, ẹlòmíràn ya ẹsẹ̀ àfidípò fún àga ilé-ìwé tí ó kán. Mẹ́tàlá ni wọ́n, gbogbo wọn ni a ti wọ̀n dé ìdá mẹ́wàá mìlímítà. Ọ̀gá Àgbà dúró níwájú wọn, ó na ọwọ́, ó sì sọ fún àwọn àlejò pé iṣẹ́ ọwọ́ sọ́fútíwíà tuntun nìyí.

Alága ìgbìmọ̀ ilé-ìwé jẹ́ ìyá àgbà kan tí ó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ilé búrẹ́dì kí ó tó fà á lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Màmá Alága ni gbogbo wọn ń pè é. Ó wo kọ̀ǹpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé etí aṣọ funfun sókè, ó rí ẹsẹ̀ àga, ó sì rọra dá aṣọ padà. Lẹ́yìn náà ó yíjú.

“Ó dáa o. Ẹ̀rọ tí yóò ṣe wọ́n jáde dà?”

Ọ̀gá Àgbà fi apá rọra júwe olùkọ́ rẹ̀, bí ẹni tí ń ju òkò ẹlòmíràn.

“Tíṣà yóò ṣàlàyé, ma.”

Ohun tí ó ń retí ni pé kí Rúlà sọ pé ẹ̀rọ wà lọ́nà. Gbogbo olùkọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni ìbá sọ ọ́. Díẹ̀ nínú wọn ti ń sọ ọ́ lábẹ́nu láti ràn án lọ́wọ́. Rúlà wo àwọn mẹ́tàlá náà, àwọn náà ń wò ó. Ó pa ọwọ́ pọ̀ sẹ́yìn.

“Ojú ìwé kẹrin ló wà, ma. Kò tíì jáde níbẹ̀.”

Màmá Alága ní kí wọ́n gbé ojú ìwé kẹrin wá. Rúlà, tí ó máa ń gbé ẹ̀dà kan sínú báàgì bí àwọn mìíràn ti ń gbé agboòrùn, fi lé e lọ́wọ́. Ìyá náà fi awò sójú, ó sì ka gbogbo rẹ̀ ní ìdúró, ìlà kan tẹ̀lé èkejì, nígbà tí ìpanu ń tutù lórí àwo. Nígbà tí ó kà dé ìlà keje, ó wo pátákó ńlá, ó wo Ọ̀gá Àgbà.

“Ọ̀gá, tí ọ̀rọ̀ yìí bá yé mi,” ni ó wí, “wọ́n fún ẹ ní ìwé bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì lọ́fẹ̀ẹ́, o kọ̀ ọ́. O wá fi owó ààrò ra ìwé mìíràn.”

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá náà kò dúró gba ọ̀rọ̀ ìtùnú. Ó ní owó díẹ̀ kù lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Yóò tó pírìntà, bátìrì àti okùn ike. Kí Ọ̀gá Àgbà buwọ́ lu ìwé àbá náà bí ọmọ yìí ti kọ ọ́, kí ó sì dé ọwọ́ òun kí iṣẹ́ tó parí ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Bí ó bá kọjá ìgbà yẹn, òrùlé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò fi owó náà ṣe.

Ìbuwọ́lù kan ṣoṣo ni ó kù báyìí. Ẹni tí kò bá mọ irú Ọ̀gá Àgbà yìí yóò rò pé ohun kékeré ni. Láti buwọ́ lu ìwé náà ni láti gbà pé òun ti ṣìnà. Kò sì sí ibì kankan nínú ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ Ajé, ó ní ọwọ́ òun dí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ fún Rúlà ohun tí ọmọ tí a kọ́ kì í sọ níwájú àlejò. Ní Ọjọ́rú, ó ní Akápò ṣì ń dúró de ìwé iye owó mẹ́ta fún òfo. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Rúlà padà sílé, ó fi bírò ṣírò lórí àjákù bébà aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wákàtí márùn-ún ni àwòṣe kan yóò gbà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni, méjì ni yóò máa tẹ̀ lójúmọ́: ọjọ́ méje fún mẹ́tàlá. Bí ìwé bá jáde lọ́la, ààyè ṣì wà. Bí kò bá jáde, mẹ́tàlá ni òfo tí olùyẹ̀wò yóò kọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tú aṣọ kan tí ó rán bàjẹ́. Rúlà sọ fún un, láìsí ìdí pàtó, pé ní gbogbo ọjọ́ tí òun fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn, òun máa ń gbọ́ tí ọkùnrin náà ń fi orí táàpù òun fọ ọwọ́.

“Ta ló ni orí táàpù?” ni ẹ̀gbọ́n béèrè.

“Èmi ni. Ìwé ẹ̀rí owó ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.”

“Ó rà á lọ́wọ́ ẹ?”

“Rárá.”

Ẹ̀gbọ́n fi eyín já òwú. “Àbúrò, mi ò lọ sí yunifásítì o. Àmọ́ tí aṣọ mi bá wà lọ́rùn oníbàárà tí kò sanwó, mo mọ ohun tí mò ń ṣe.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀gá Àgbà wà níta, ó ń bá àwọn tí ó kọ pátákó jà. Wọ́n ti kọ déètì ìṣílé sí i lódì, wọ́n sì ń tún un kun. Rúlà sọ fún akọ̀wé ọ́fíìsì pé òun fẹ́ mú nǹkan òun kan nínú bálùwẹ̀. Òtítọ́ ni. Síkúrù kan péré ni ó wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kò pé. Ó fi orí táàpù pupa náà sínú ọ̀rá funfun, ó fi pín-ìn-nì so ó mọ́ ojú ìwé kẹrin, ó kọ “Àpẹẹrẹ iṣẹ́” sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ àti iye wákàtí tí ó gbà, ó sì jókòó.

Ọ̀gá Àgbà wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tí ó búlúù dé ọrùn ọwọ́. Ó ti fọwọ́ kan déètì náà láti fi hàn wọ́n bí wọ́n ti kọ ọ́ sí. Kò wo Rúlà. Ó wọ bálùwẹ̀, a sì gbọ́ tí ó ń tẹ ìgò ọṣẹ olómi, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń fi ọṣẹ ra ọwọ́ bí ẹni tí inú ń bí. Lẹ́yìn náà ni ó ké láti inú bálùwẹ̀.

“Tíṣà. Orí táàpù mi dà?”

“Ojú ìwé kẹrin ló wà, sà.”

Akọ̀wé ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí kò sọnù lábẹ́ tábìlì rẹ̀.

“Ẹ bá mi wá ẹ̀mú.”

“Ẹ̀mú kan ṣoṣo la ní, sà. Kíláàsì kẹ́mísírì ń lò ó lọ́wọ́. Mẹ́rìnlá ló wà lórí ìlà.”

Ọkùnrin náà jáde wá. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wọn aṣọ fún. Ọṣẹ ti dà pọ̀ mọ́ ọ̀dà, ó ń kán sórí bàtà rẹ̀ ní àwọ̀ òfuurufú. Ó wo Rúlà, ó wo ọ̀rá funfun, ó wo pupa inú rẹ̀. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó ka ohunkóhun ní ojú ìwé kẹrin tí kì í ṣe iye owó.

“O ò ní ọ̀wọ̀,” ni ó wí.

“Mo ní in, sà. Mo tún ní ìwé ẹ̀rí owó.” Rúlà ṣí bírò, ó sì gbé e lé etí tábìlì. “Tí ìwé bá jáde báyìí, màá sáré lọ gba ẹ̀mú wá fún yín fúnra mi.”

Ọ̀dà ti ń gbẹ. Ọwọ́ ti ń yún un. Akápò, tí ó gbọ́ ohùn wọn, yọjú pẹ̀lú fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán wọn létí pé ìlà keje ṣì wà bẹ́ẹ̀.

“Akápò,” ni Ọ̀gá Àgbà wí, ohùn rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, “jẹ́ kí òfo jẹ́ òfo.”

Ó gbá bírò mú. Kí a lè mọ̀ pé òun ṣì ni ọ̀gá, ó fi ìlà búlúù pa pírìntà méjì rẹ́, ó kọ ẹyọ kan sí i. Lẹ́yìn náà ó buwọ́ lù ú. Àtàǹpàkò rẹ̀ fi àpá ọṣẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, tí ó hàn kedere ju ìbuwọ́lù lọ. Rúlà fi bébà míì gba ọ̀dà náà, ó wo aago, ó sì jáde. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ: ó dúró lórí ìlà ní yàrá kẹ́mísírì, lẹ́yìn ọmọ mẹ́rìnlá, kí ó tó tú ẹ̀mú kúrò lára okùn rẹ̀. Kò wá ìdí kankan tí yóò fi já ìlà.

Ìwé dé ọwọ́ Màmá Alága ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀rọ dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Ọjọ́ méje ni ó fi ṣiṣẹ́, láti ìgbà tí wọ́n bá ṣí géètì títí di ìgbà tí wọn yóò tì í, méjì lójúmọ́, bí Rúlà ti ṣírò rẹ̀ sórí bébà aṣọ. Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Bátìrì gbà á dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí olùyẹ̀wò dé, mẹ́tàlá ni ó fọwọ́ kàn. Nínú ìròyìn tí Ọ̀gá Àgbà kọ sí ìgbìmọ̀, ó ní sọ́fútíwíà ọkọ̀ òfuurufú ti so èso mẹ́tàlá láàárín oṣù kan. Sọ́fútíwíà náà kò tíì ṣí títí di òní.

Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orí táàpù fún yàrá kẹ́mísírì. Orí táàpù pupa àkọ́kọ́ wà nínú fáìlì ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀, ó so mọ́ ojú ìwé kẹrin, kò sì ṣeé yọ nítorí pé ó ti di ara ìwé. Ní bálùwẹ̀ Ọ̀gá Àgbà, ẹ̀mú tuntun kan ni ó wà, tí wọ́n fi okùn so. Ọ̀gá Àgbà ti rán akọ̀wé sí Rúlà lẹ́ẹ̀mejì nípa orí táàpù mìíràn. Èsì tí Rúlà fi ránṣẹ́ padà kúrú, ó sì ní ọ̀wọ̀: táàpù mẹ́rìnlá ni ó wà níwájú yín, sà, ẹ̀yin ni ìkẹẹ̀ẹ́dógún.